Ta ló kan ta? Ọ̀nà Warshall lórí mátíríìsì 0 àti 1

Ẹni tó bá ti ń fi Excel ṣe ìwé owó rẹ̀ yóò ti rí i pé àpótí kan kì í dá wà. O yí iye kan padà lókè, iye mẹ́ta mìíràn sì yí padà nísàlẹ̀ láìjẹ́ pé o fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kọ̀ǹpútà á kọ̀ jálẹ̀, á ní àpótí kan ń dúró de ara rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ló wà nídìí méjèèjì: bí mo bá mọ àpótí tó kan àpótí ní tààrà, báwo ni mo ṣe lè mọ gbogbo èyí tó kan ara wọn, títí kan àwọn tó gba ọ̀dọ̀ àpótí mìíràn kọjá? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni wọ́n ń pè ní tiransítíífù kílóṣọ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò. Ó máa ń rú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lójú, nítorí wọ́n á rí mátíríìsì márùn-ún tàbí mẹ́fà lójú pátákó, láìsí ẹni tó sọ ìdí tí 1 fi yọ níhìn-ín tí kò yọ lọ́hùn-ún. Ẹ jẹ́ ká fi ìwé owó kan ṣoṣo ṣe é, ká sì wo 1 kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń wọlé.

Ká ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kékeré kan ni. Èrè ni ọ̀gá fẹ́ kọ́kọ́ rí bó bá ti ṣí ìwé náà, ìdí nìyẹn tó fi wà lókè pátápátá. Àpótí márùn-ún ló wà:

```
B1  èrè              =B4-B3
B2  owó fúláwà       30000
B3  àpapọ̀ ìnáwó     =B2+9000
B4  owó títà         =B3*1.25
B5  kọmíṣọ̀n         =B1*0.1
```

Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà tó wà nínú B3 ni owó yíìsì, ṣúgà àti igi ìdáná. Bí fúláwà bá jẹ́ 30,000 náírà, ìnáwó á jẹ́ 39,000, owó títà á jẹ́ 48,750, èrè á jẹ́ 9,750, kọmíṣọ̀n ẹni tó ń gbé búrẹ́dì kiri sì máa jẹ́ 975.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé owó tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ká wo ẹni tó kan ẹni nìkan. Fọ́múlà B3 dárúkọ B2, nítorí náà B2 kan B3 ní tààrà. Màá kọ ọ́ báyìí: 2→3. Fọ́múlà B4 dárúkọ B3, ìyẹn 3→4. Fọ́múlà B1 dárúkọ méjì, ìyẹn 4→1 àti 3→1. Fọ́múlà B5 dárúkọ B1, ìyẹn 1→5. Ọfà márùn-ún péré nìyí, òun náà sì ni gbogbo ohun tí ìwé náà sọ fún wa. Kò síbi tó ti sọ pé fúláwà kan kọmíṣọ̀n, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé bí fúláwà bá gbówó lórí, kọmíṣọ̀n á yí padà. Irú ọfà tí kò sí nínú ìwé yìí, àmọ́ tó jẹ́ òótọ́, ni à ń wá.

A lè kọ ọfà márààrún sínú mátíríìsì. Ìlà ìbú ni ibi tí ọfà ti gbéra, ìlà òòró ni ibi tó lọ. A ó kọ 1 níbi tí ọfà bá wà, 0 níbi tí kò bá sí:

```
     1 2 3 4 5
1    0 0 0 0 1
2    0 0 1 0 0
3    1 0 0 1 0
4    1 0 0 0 0
5    0 0 0 0 0
```

Bí mo bá sọ pé ojú (3,4), ohun tí mò ń sọ ni ibi tí ìlà ìbú kẹta ti pàdé ìlà òòró kẹrin. 1 ló wà níbẹ̀, nítorí ìnáwó kan owó títà.

Mátíríìsì Búùlù ni wọ́n ń pe irú èyí, wọ́n fi sọrí George Boole, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ni ní ìlú Cork ní Ireland títí ó fi kú lọ́dún 1864. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé 0 àti 1 ibẹ̀ kì í ṣe iye. “Rárá” àti “bẹ́ẹ̀ ni” ni wọ́n. Nítorí náà, 1 pẹ̀lú 1 kì í di 2 níbẹ̀, 1 náà ló ń jẹ́. Ẹ wo ìnáwó àti èrè: ìnáwó kan èrè ní tààrà, ó sì tún gba ọ̀dọ̀ owó títà kàn án. Ọ̀nà méjì ló wà, ṣùgbọ́n ohun tí a béèrè ni bóyá ó kàn án, ìdáhùn sì ni bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀nà tó kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn ni kí a sọ mátíríìsì náà di púpọ̀ nípa ara rẹ̀. Bí a bá fi A pe mátíríìsì wa, tí a sì ń lo “àti” dípò ìsọdipúpọ̀, tí a ń lo “tàbí” dípò ìròpọ̀, A² á fi gbogbo ibi tí a lè fi ọfà méjì dé hàn, A³ á fi ibi tí a lè fi ọfà mẹ́ta dé hàn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. A ó wá kó gbogbo wọn pọ̀ láti A títí dé A⁵. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀ rárá, iṣẹ́ rẹ̀ ló pọ̀. Láti ṣe A² nìkan, ojú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n la ó kún, a ó sì wo ìdí márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ 125. Ìgbà mẹ́rin la ó ṣe irú rẹ̀, ó di 500. Fún àpótí 1,000, àpapọ̀ rẹ̀ á sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan bílíọ̀nù.

Lọ́dún 1962, Stephen Warshall, ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ ọ̀nà kan jáde nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, tí ìdá kan lásán nínú iṣẹ́ yẹn tó fún un. Bernard Roy ti gbé irú rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1959, ṣùgbọ́n orúkọ Warshall ló mọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu. Ohun tó ṣe ni pé kò ka iye ọfà mọ́. Dípò kí ó béèrè pé “ibo la lè fi ọfà méjì dé, ibo la lè fi mẹ́ta dé?”, ó béèrè pé “ta ni a gbà láyè kí ó ṣe alárinà?”

Ó mú àwọn àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìpele kìíní, àpótí 1 nìkan ló lè ṣe alárinà. Ní ìpele kejì, 1 àti 2. Ní ìpele kẹta, 1, 2 àti 3, títí gbogbo wọn fi gba àyè. Nígbà tó bá kan alárinà k, wo ìlà òòró k, kí o kọ nọ́ḿbà gbogbo ìlà ìbú tí 1 wà fún un níbẹ̀ sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n lè dé ọ̀dọ̀ k. Lẹ́yìn náà wo ìlà ìbú k, kí o kọ nọ́ḿbà gbogbo ìlà òòró tí 1 wà fún un. Àwọn wọ̀nyẹn ni k lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Wá so ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn kejì, kí o sì kọ 1 sí ojú tí wọ́n ti pàdé. Bí 1 bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, fi í sílẹ̀. Ó tán. Kọjá sí alárinà tó kàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é lórí búrẹ́dì wa.

Alárinà 1 ni èrè. Nínú ìlà òòró kìíní, 1 wà ní ìlà ìbú 3 àti 4. Nínú ìlà ìbú kìíní, 1 wà ní ìlà òòró 5 nìkan. A so 3 mọ́ 5, a so 4 mọ́ 5. Ojú (3,5) àti (4,5) di 1. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìnáwó àti owó títà kan kọmíṣọ̀n, nítorí wọ́n kan èrè, èrè sì kan kọmíṣọ̀n.

Alárinà 2 ni fúláwà. Òfo ni ìlà òòró kejì, nítorí ọwọ́ la fi tẹ owó fúláwà síbẹ̀, kò sí àpótí tó kàn án. Ẹni tí a kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè ṣe alárinà fún ẹnikẹ́ni. Ohunkóhun kò yí padà.

Alárinà 3 ni ìnáwó, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Nínú ìlà òòró kẹta, ìlà ìbú 2 nìkan ló ní 1. Nínú ìlà ìbú kẹta, 1 wà ní 1, 4 àti 5. Ẹ kíyè sí i pé 5 yẹn kò sí níbẹ̀ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Ìpele kìíní ló fi síbẹ̀. A so 2 mọ́ 1, mọ́ 4, mọ́ 5. Ojú (2,1), (2,4) àti (2,5) di 1. Fúláwà ti kan kọmíṣọ̀n báyìí.

Alárinà 4 ni owó títà. Ìlà ìbú 2 àti 3 ló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun náà sì dé 1 àti 5. Ojú mẹ́rin ló yẹ ká fi 1 sí, ṣùgbọ́n 1 ti wà ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Alárinà 5, ìyẹn kọmíṣọ̀n, kò dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan, òfo ni ìlà ìbú rẹ̀. A ti parí:

```
     1 2 3 4 5
1    0 0 0 0 1
2    1 0 1 1 1
3    1 0 0 1 1
4    1 0 0 0 1
5    0 0 0 0 0
```

Ọfà márùn-ún ti di mẹ́wàá. Bí ọ̀gá bá fẹ́ mọ ohun tí ọ̀wọ́n fúláwà á gbọ̀n jìgìjìgì, kí ó ka ìlà ìbú kejì: gbogbo àpótí yòókù ni. Bí ẹni tó ń tà á bá fẹ́ mọ ohun tó lè dín kọmíṣọ̀n rẹ̀ kù, kí ó ka ìlà òòró karùn-ún.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nígbà tí wọ́n bá ń fi ọwọ́ ṣe é ni pé mátíríìsì ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń wò ní gbogbo ìpele, wọn kò wo èyí tí wọ́n ti tún ṣe. Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ níbí. Ní ìpele kẹta, ẹni yẹn á rí 1 àti 4 nìkan nínú ìlà ìbú kẹta, á so 2 mọ́ wọn, á sì kọjá. Ní ìpele kẹrin, á rí 1 nìkan nínú ìlà ìbú kẹrin. Títí yóò fi parí, ojú (2,5) á ṣì jẹ́ 0, ìwé rẹ̀ á sì máa sọ pé fúláwà kò kan kọmíṣọ̀n. Bí o bá ń ṣiyèméjì nípa èyí tí o ṣe, mú ìdáhùn rẹ, kí o tún gbogbo ìpele ṣe lórí rẹ̀. Bí 1 tuntun kan bá yọ, ó ṣẹ́ kù. Wo àwọn òfo pẹ̀lú: ìlà tó bá jẹ́ òfo pátápátá níbẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ ìbú tàbí òòró, òfo ló gbọ́dọ̀ jẹ́ nígbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ sì ni 1 kan kò gbọ́dọ̀ padà di 0 láé.

Kí ló wá fà á tí ìgbà kan péré fi tó fún alárinà kọ̀ọ̀kan? Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ béèrè nìyẹn, nítorí ó dà bíi pé ó yẹ ká padà sẹ́yìn. Ohun tó mú un dúró ni pé lẹ́yìn ìpele k, ìlérí kan wà tí mátíríìsì náà ń mú ṣẹ: 1 wà ní ojú (i,j) bí ọ̀nà kan bá wà láti i dé j tí gbogbo alárinà tó wà lórí rẹ̀ kò ju nọ́ḿbà k lọ. Bí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò bá sí, 0 ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ìlérí náà ń dúró bí a ti ń kọjá láti ìpele kan sí òmíràn. A fẹ́ gba alárinà k wọlé. Ká ní ọ̀nà kan wà láti i dé j tó lè gba ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni láti 1 dé k. Bí kò bá kan k rárá, ìpele tó kọjá ti rí i. Bó bá kan k, a lè rí i dájú pé ẹ̀ẹ̀kan ló kàn án, nítorí bó bá lọ tó tún padà wá sí ọ̀dọ̀ k, a lè gé ìrìn àlọ àti àbọ̀ yẹn kúrò, ọ̀nà náà á ṣì débi tó ń lọ. Nítorí náà k pín ọ̀nà náà sí méjì: láti i dé k, àti láti k dé j. Nínú apá méjèèjì, kò sí alárinà kankan tí nọ́ḿbà rẹ̀ tó k. Ìpele tó kọjá ti fi 1 sí (i,k), ó ti fi 1 sí (k,j). Ìyẹn gan-an ni ohun tí a ń kà nínú ìlà òòró k àti ìlà ìbú k. Bí ọ̀nà náà ti gùn tó kò já mọ́ nǹkan kan, nítorí a kì í tún rìn ín, àwọn apá rẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ la kàn ń lẹ̀ pọ̀.

Ohun kan tún wà tó ń fi àwọn èèyàn lọ́kàn balẹ̀ bí wọ́n bá rí i: ìlà ìbú k àti ìlà òòró k kì í yí padà ní ìpele k fúnra rẹ̀. Kí ojú (i,k) tó lè di 1 ní ìpele yẹn, (i,k) fúnra rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Nítorí náà a lè kọ 1 tuntun sínú mátíríìsì kan náà láìṣe ẹ̀dà rẹ̀, kò sì ní da àwọn tí à ń kà rú.

Ọ̀gá wa wá ní ìmọ̀ràn tuntun. Ó ní ìnáwó ni kọmíṣọ̀n náà, ó yẹ kó wà nínú àpapọ̀ ìnáwó. Ó yí B3 sí `=B2+9000+B5`. Òótọ́ ni ó sọ nípa owó, ṣùgbọ́n Excel kìlọ̀ fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, Google Sheets sì kọ `#REF!` sójú àpótí. Ọfà tuntun kan ló wọlé, 5→3, ojú (5,3) sì di 1. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Alárinà 1 fi (3,5) àti (4,5) kún un bíi ti tẹ́lẹ̀. Alárinà 2 kò ṣe nǹkan kan. Ní alárinà 3, ìlà òòró kẹta ti ní 1 méjì báyìí, ní ìlà ìbú 2 àti 5. Ìlà ìbú kẹta ní 1, 4 àti 5. A so 2 mọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a so 5 náà mọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: (5,1), (5,4), àti (5,5). Ojú (5,5) yẹn ni kí a dúró wò. Ó ní kọmíṣọ̀n kan kọmíṣọ̀n. Alárinà 4 kò fi nǹkan tuntun kún un. Ní alárinà 5, gbogbo ìlà ìbú márààrún ló ní 1 nínú ìlà òòró karùn-ún, ìlà ìbú karùn-ún sì ní 1, 3, 4 àti 5. A so gbogbo wọn pọ̀:

```
     1 2 3 4 5
1    1 0 1 1 1
2    1 0 1 1 1
3    1 0 1 1 1
4    1 0 1 1 1
5    1 0 1 1 1
```

Ìlà ìdàgẹ̀rẹ̀, èyí tó ti igun òkè lápá òsì sọ̀ kalẹ̀ sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ni kí a kà. 1 wà ní (1,1), (3,3), (4,4) àti (5,5). Èrè, ìnáwó, owó títà àti kọmíṣọ̀n ń yí ara wọn ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dúró de ara rẹ̀. 0 wà ní (2,2). Fúláwà ń kan gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìyípo náà, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti lọ fọwọ́ kàn án. Àǹfààní tó wà nínú tiransítíífù kílóṣọ̀ yìí nìyẹn: ìkìlọ̀ lásán á sọ fún ọ pé ìyípo wà, ìlà ìdàgẹ̀rẹ̀ á sọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ gan-an.

Pé ìyípo wà kò túmọ̀ sí pé ìṣirò náà kò ní ìdáhùn. Níbí, èrè jẹ́ ìdámẹ́rin ìnáwó, kọmíṣọ̀n sì jẹ́ ìdámẹ́wàá èrè, ìyẹn 0.025 ìnáwó. Ìnáwó wá jẹ́ 39,000 pẹ̀lú 0.025 ara rẹ̀, èyí tó jẹ́ 39,000 ÷ 0.975, ìyẹn 40,000 náírà géérégé. Owó títà á jẹ́ 50,000, èrè 10,000, kọmíṣọ̀n 1,000. Bí ọ̀gá bá kọ `=(B2+9000)/0.975` sínú B3, ọfà 5→3 á kúrò, ìdáhùn á sì wà. Mátíríìsì Búùlù kò lè ṣe ìṣirò yìí fún wa, nítorí kò mọ iye kankan. Ohun tó mọ̀ ni ibi tí a ó ti gé okùn náà.

Fún ẹni tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá òun ṣe é, gbogbo ọ̀nà náà kò ju ìlà mẹ́fà lọ ní èdè Python, níbi tí nọ́ḿbà ti ń bẹ̀rẹ̀ láti 0, tí `W` jẹ́ ẹ̀dà mátíríìsì wa, tí `n` sì jẹ́ iye àpótí:

```
for k in range(n):
    for i in range(n):
        if W[i][k]:
            for j in range(n):
                if W[k][j]:
                    W[i][j] = 1
```

`k` gbọ́dọ̀ wà lóde pátápátá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni kí a fi `i` àti `j` síwájú, kí `k` wà nínú, ó sì burú nítorí pé ó máa ń tọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà. Lórí mátíríìsì wa àkọ́kọ́, èyí tí kò ní ìyípo, ìdáhùn rẹ̀ pé pérépéré. Lórí èkejì, ó pàdánù 1 kan ṣoṣo. Nígbà tó wo ojú (1,1), kò tíì mọ̀ pé èrè kan ìnáwó, nítorí náà ó fi 0 sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ló dé ojú (1,3) tó fi 1 síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà sí (1,1) mọ́. Gbogbo ojú yòókù tọ̀nà, àmọ́ ó ń sọ fún ọ̀gá pé èrè kò sí nínú ìyípo. Ẹni tó bá fi àpẹẹrẹ bíi ti àkọ́kọ́ wa nìkan dán kóòdù rẹ̀ wò lè má rí i láé.

Iṣẹ́ tí ọ̀nà yìí ń ṣe jẹ́ n³: 125 fún àpótí márùn-ún, bílíọ̀nù kan fún 1,000. Ó ṣeé dín kù, nítorí ohun tí à ń ṣe ní tòótọ́ ni pé bí ìlà ìbú i bá ní 1 ní òòró k, a ń fi “tàbí” da gbogbo ìlà ìbú k pọ̀ mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà òde òní lè ṣe “tàbí” fún bíìtì 64 lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ìlà ìbú tó ní ojú 1,000 gba ìgbésẹ̀ 16 péré, bílíọ̀nù kan sì di mílíọ̀nù 16. Síbẹ̀, bí àpótí bá tó 10,000, tí ọfà sì kéré, bóyá mẹ́ta mẹ́ta fún àpótí kọ̀ọ̀kan, èmi kò ní lo ọ̀nà Warshall. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú mátíríìsì náà á jẹ́ 0, ó sì sàn kí a bẹ̀rẹ̀ láti àpótí kọ̀ọ̀kan, ká máa tọ ọfà rẹ̀ lẹ́yìn, ká máa sàmì sí ibi tí a bá ti dé. Ibi tí ọ̀nà Warshall ti ń borí ni ibi tí ọfà ti pọ̀, tí a sì fẹ́ ìdáhùn fún gbogbo àpótí méjì méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti àtúnṣe. Bí ọfà tuntun bá wọlé lẹ́yìn tí a ti parí, kò pọn dandan ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ bí mo ti ṣe lókè. Mú mátíríìsì àkọ́kọ́ tí a ti parí, kí o fẹ́ fi 5→3 kún un. Àwọn tó lè dé 5 ni 1, 2, 3 àti 4, pẹ̀lú 5 fúnra rẹ̀. Àwọn tí 3 lè dé ni 1, 4 àti 5, pẹ̀lú 3 fúnra rẹ̀. So wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mátíríìsì kejì jáde bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Yíyọ ọfà kúrò ni kò ní irú ọ̀nà àbùjá yìí. Bí a bá yọ 3→1 kúrò nínú ìwé náà, ojú (3,1) á ṣì jẹ́ 1, nítorí ìnáwó ṣì gba ọ̀dọ̀ owó títà kan èrè. Bó bá jẹ́ 1→5 la yọ, gbogbo ìlà òòró karùn-ún ti mátíríìsì àkọ́kọ́ á di òfo. Kò sí ohunkóhun nínú mátíríìsì tó ti parí tó lè fi ìyàtọ̀ méjèèjì hàn, nítorí 1 tó jẹ́ ọfà gan-an àti 1 tí alárinà mú wá jọ ara wọn. Nítorí náà má ṣe kọ ìdáhùn sórí mátíríìsì ìbẹ̀rẹ̀ rẹ. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀ ìpele kìíní, kí o sì tọ́jú èyí tó ní ọfà tààrà nìkan, torí òun lo máa padà sí lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá pa fọ́múlà kan rẹ́.